Ẹ̀rọ Ní Ẹrù Ti Dé, Ẹ Kò sì Rí I: Bí Ilé Iṣẹ́ Dísípáàṣì Ṣe Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, agbára káká ni ènìyàn fi lè dúró sí ẹ̀bá títì fún wákàtí kan láìrí alùpùpù tó gbé àpótí sẹ́yìn. Oníṣòwò ń ra ọjà láti Èkó láìkúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sì ń ra bàtà àti fóònù lọ́nà kan náà. Bí ẹrù bá dé, kò sí ìṣòro. Ìgbà tí kò bá dé, tí olówó rẹ̀ sì pe ilé iṣẹ́ dísípáàṣì tó gbé e, ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú. Ẹni tó gbé ìpè á máa bi í ní ìbéèrè tó jọ pé ó ti dáhùn, kò ní gbà pé ẹrù ti sọnù, kò ní ṣèlérí owó, kò ní fún un ní nọ́ńbà ọlọ́kadà tó gbé ẹrù náà, níkẹyìn yóò sì sọ pé òun ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni.

Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé wọ́n ń fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ìwé kan wà níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, tí ó sọ ohun tí yóò béèrè, ohun tí yóò sọ, ohun tí kò gbọdọ̀ sọ, àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ti jókòó sídìí irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti bá wọn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó yé wa ná

Wébìlì ni ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò jọ ti ẹrù mìíràn. Gbogbo ìgbà tí ẹrù bá ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ó yẹ kí ẹni tó gbà á yọ fóònù tàbí ẹ̀rọ kékeré kan, kí ó fi ka wébìlì yẹn. Èyí ni wọ́n ń pè ní síkáànì. Síkáànì kọ̀ọ̀kan ń fi aago, ibi àti orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń yí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń rí lórí fóònù yín padà, láti "In transit" tó túmọ̀ sí pé ẹrù wà lójú ọ̀nà, sí "Out for delivery" tó túmọ̀ sí pé ọlọ́kadà ti gbé e jáde, títí dé "Delivered" tó túmọ̀ sí pé wọ́n ní àwọn ti fi lé ẹnìkan lọ́wọ́.

Ìwé ìpè ni mo pe ìwé tó wà níwájú ẹni tó ń gbé fóònù. Gbígbé ẹ̀sùn sókè sì ni fífi ọ̀rọ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, bóyá nítorí pé onítọ̀hún lè rí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò lè rí lórí kọ̀ǹpútà, tàbí nítorí pé ó láṣẹ láti san owó.

Ṣé gbogbo ẹrù tí kò dé ló ti sọnù?

Rárá o. Ibí yìí ni ìjà àkọ́kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé oníbàárà á ní "ẹrù mi ti sọnù", ẹni tó gbé ìpè kò sì ní bá a pe orúkọ yẹn. Lójú ilé iṣẹ́, ẹrù tí kò dé lè jẹ́ èyí tó kàn pẹ́, tí a mọ ibi tó wà. Ó lè jẹ́ èyí tó ṣìnà, bí ìgbà tí ẹrù Ògbómọ̀ṣọ́ bá bọ́ sínú àpò tó ń lọ sí Òṣogbo ní ibùdó Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ èyí tí kò ní síkáànì tuntun mọ́, tí a kò sì tíì mọ̀dí. Ó tún lè jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ sọ pé ó ti dé ọwọ́ olówó rẹ̀, nígbà tí olówó rẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Bí ewúrẹ́ ẹni kò bá wálé ní alẹ́, a kì í tú gbogbo ìlú wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó rí i kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń wá. Iṣẹ́ ìwé ìpè kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀, ọwọ́ tí ẹrù wà kẹ́yìn ló ń wá.

Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tí mo kà yẹn, èyí tí ẹ̀rọ ní ó ti dé, ni mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé. Òun ló ń bí ènìyàn nínú jù, òun náà sì ni àkókò ti ṣe pàtàkì jù.

Kí ló wà nínú ìwé ìpè?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Aránṣọ kan ní agbègbè Tákíè ra léèsì ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́rin náírà (₦68,000) lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìdúmọ̀tà. Ẹrù kúrò ní Èkó ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ó dé Ìbàdàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọlọ́kadà gbé e jáde. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ìrọ̀lẹ́, fóònù aránṣọ yìí dún, ó wò ó, ó rí "Delivered". Kò sì sí ẹni tó gbé nǹkan kan wá fún un. Ó pe ilé iṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ohun tí ìwé ìpè ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìdúró. Kí n tó gbọ́ tẹnu yín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé a ń gba ohùn wa sílẹ̀, kí ohun tí a bá jọ sọ má bàa di àwíjàre. Kí ni kí n bá yín ṣe?" Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí ẹni náà yóò fi sọ tán, kódà bí ó bá ń pariwo. Ẹni tí a bá já lẹ́nu ọ̀rọ̀ yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ á sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tó bá sọ tán, òṣìṣẹ́ yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un: "Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín, mà, ni pé fóònù yín ní ẹrù ti dé ní ìrọ̀lẹ́ àná, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó gbé e fún yín, kò sì sí lọ́wọ́ ará ilé yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Inú máa ń bí àwọn ènìyàn sí èyí, wọ́n á ní "Ṣebí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán nìyẹn!" Ṣùgbọ́n "ẹrù mi kò dé" lè túmọ̀ sí èyíkéyìí nínú oríṣi mẹ́rin tí mo kà lókè, ojú ọ̀nà tí wọ́n yóò gbà wá a sì yàtọ̀ síra.

Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè nọ́ńbà wébìlì, orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, nọ́ńbà fóònù tó wà lára ẹrù, àti àdírẹ́sì. Ẹ kíyèsí i pé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé "Ṣé Tákíè ni àdírẹ́sì yín?" Yóò ní "Ẹ bá mi sọ àdírẹ́sì tí ẹ fún wọn." Bí ó bá ti kọ́kọ́ ka àdírẹ́sì jáde, ẹnikẹ́ni tó bá rí nọ́ńbà wébìlì he lè pe ilé iṣẹ́, kí ó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", kí ó sì mọ ibi tí ẹrù olówó ń lọ.

Aránṣọ wa ní àdírẹ́sì tí òun fún wọn ni "lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, Tákíè". Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898, ta ni yóò ka ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó wà níbẹ̀ tán?

Ìbéèrè tó kàn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé ìpè: "Ẹ bá mi wo fóònù yín, mà. Ṣé nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ pè yín láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná?" Ó wò ó. Nọ́ńbà kan pè é ní nǹkan bí aago méjì. Ó wá rántí pé ibi ìsìnkú ni òun wà, ìlù ń dún, òun kò gbọ́ ohun tí ẹni náà ń sọ dáadáa, òun kàn ní kí ó gbé e fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Kò rò pé èyí ṣe pàtàkì, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìpè tí kò bá ní ìbéèrè yìí nínú, ó kàn ń kó ẹ̀sùn jọ ni.

Kí ló dé tí kò sọ pé wọ́n máa sanwó, tí kò sì fún un ní nọ́ńbà ọlọ́kadà?

Apá kan wà nínú ìwé ìpè tó jẹ́ kìkì ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹrù ti sọnù", nítorí pé láti ìgbà tó bá ti sọ ọ́ ni oníbàárà ti ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì wá ẹrù náà rárá. Kò gbọdọ̀ sọ pé "ọlọ́kadà ló jí i", nítorí pé ẹ̀sùn olè ni ìyẹn, wọ́n sì ń gba ohùn sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ pé "yóò dé lọ́la" láìjẹ́ pé ó rí ẹrù náà lórí kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka tó wà nítòsí. Irọ́ "yóò dé lọ́la" yìí gan-an ló ń sọ ẹ̀sùn kékeré di ńlá.

Ní ti nọ́ńbà ọlọ́kadà, ohun ìní rẹ̀ ni fóònù rẹ̀ jẹ́, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 sì kan òun náà bí ó ṣe kan oníbàárà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti rí ibi tí oníbàárà méjì ti ń pe ọlọ́kadà kan náà lórí ìrìn, tí ó sì ń fi ọwọ́ kan gun alùpùpù. Ilé iṣẹ́ ni kí ó pè é.

Òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ béèrè kóòdù tó bá wọ fóònù yín, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín tàbí ti ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá pè yín, tó ní ilé iṣẹ́ dísípáàṣì ni òun ti ń pè, tó sì ní kí ẹ ka kóòdù fún òun kí òun lè "tú ẹrù sílẹ̀", ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ojúkojú ni a ń fún ọlọ́kadà ní kóòdù ìgbẹrù, nígbà tí ẹrù bá ti wà lójú ẹni.

Ìgbà wo ni ẹ̀sùn ń gòkè?

Ohun méjì ló ń gbé ẹ̀sùn sókè: irú ẹ̀sùn tó jẹ́, àti iye àkókò tó ti kọjá. Iye wákàtí yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Èyí tí mo fẹ́ kà yìí ni mo rò pé ó bá ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ mu.

Ẹrù tí kò ní síkáànì tuntun, wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni kí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn síkáànì tó kẹ́yìn, kí ẹ̀sùn tó gòkè sọ́dọ̀ àwọn atọpinpin ẹrù. Èyí jọ ìwà àìbìkítà, ṣùgbọ́n ó nídìí. Nígbà tí ọkọ̀ bá já ẹrù ní ibùdó ńlá, àpò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, kì í ṣe ẹrù inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹrù lè wà nínú àpò tí a kò tíì tú láti àná, kí ó sì dà bí ẹni pé kò sí níbì kankan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ ló ń yọjú fúnra rẹ̀ kí wákàtí yẹn tó pé, bí a bá sì rán atọpinpin sí gbogbo wọn ní ọjọ́ kìíní, kò ní ráyè wá èyí tó sọnù ní tòótọ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ méje bá pé láìsí síkáànì, ó tó kí wọ́n kéde pé ẹrù ti sọnù, kí ọ̀rọ̀ owó sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tí ẹ̀rọ ní ó ti dé, tí olówó rẹ̀ kò sì rí, kò gbọdọ̀ dúró de wákàtí kankan. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ó gòkè sọ́dọ̀ alábòójútó ẹ̀ka. Ọlọ́kadà tó gbé ọgbọ̀n ẹrù kiri lánàá ṣì lè rántí ẹnu ọ̀nà tí ó gbé èyí sí; bí ó bá tún gbé ọgbọ̀n mìíràn lónìí, ó ti parí. Ẹni tó ṣèèṣì gba ẹrù kò sì ní tíì tú u, tàbí kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ tó bá ń sọ fún irú oníbàárà yìí pé kí ó dúró di wákàtí méjìdínláàádọ́ta, òfin ẹrù tí kò ní síkáànì tuntun ló ń lò fún un, àṣìṣe ńlá sì ni.

Àwọn kan tún wà tí ń gòkè lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí ẹrù wà: oògùn, ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìrìnnà, ohun tó lè bàjẹ́, ìpè tí a ti dárúkọ ọlọ́pàá tàbí lọ́yà, ìpè tí ẹnìkan ti ń halẹ̀ mọ́ ọlọ́kadà, àti ẹni tó bá ń pè nígbà kẹta lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ariwo kò sí lára wọn. Mo mọ̀ pé ní ilé iṣẹ́ púpọ̀, ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n ń dá lóhùn, mo sì rò pé ìwà burúkú gbáà ni, nítorí pé ìyá àgbàlagbà tó fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀ ni yóò dúró jù.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ pé wọ́n gbé e sókè lóòótọ́? Ẹ ó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, wọn yóò sọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò sì dá aago tí wọn yóò pè yín padà. Bí ẹni kejì bá sì pè yín, tí ó ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Fún aránṣọ wa, òṣìṣẹ́ ní: "Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín lé alábòójútó ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ báyìí, mà. Bí a rí i, bí a kò rí i, wọn yóò pè yín kí aago mọ́kànlá tó lù."

Kí ni alábòójútó rí tí ẹni àkọ́kọ́ kò rí?

Ẹni tó gbé ìpè rí "Delivered" àti orúkọ tí ọlọ́kadà kọ pé ó gba ẹrù: "Ìyá Ìbejì". Orúkọ yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n alábòójútó lè ṣí iṣẹ́ ọlọ́kadà náà fún gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó rí i pé ẹrù mẹ́rin ni ọlọ́kadà kọ pé òun fi jíṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀kan ní Tákíè, ọ̀kan ní Sábó, méjì ní Àróje. Kò sí alùpùpù tó lè sá irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tí èyí sọ fún ẹni tó mọṣẹ́ ni pé ọlọ́kadà ti gbé àwọn ẹrù náà fún àwọn tó gbé e fún tipẹ́, kò tẹ bọ́tìnnì nígbà náà, bóyá nítorí nẹ́tíwọọ̀kì, ó wá jókòó síbì kan ní ìrọ̀lẹ́, ó tẹ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Nítorí náà, aago mẹ́rin kọjá yẹn kì í ṣe aago tí ẹrù dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ibi tí ẹ̀rọ sàmì sí lórí máàpù kì í sì í ṣe ibi tí ẹrù wà.

Fọ́tò ló kù. Ọlọ́kadà ya fọ́tò ẹrù ní ẹnu ọ̀nà tí ó gbé e sí, fọ́tò sì ní aago tirẹ̀ nínú: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ìyẹn kété lẹ́yìn ìpè tí aránṣọ kò gbọ́ dáadáa. Ìlẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, páálí bisikíìtì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alábòójútó gé ojú ènìyàn kúrò nínú fọ́tò, ó fi í ránṣẹ́ sí aránṣọ, ó béèrè bóyá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ó ní rárá, ìlẹ̀kùn onígi ni tòun. Wọ́n dá ọlọ́kadà dúró kí ó tó jáde láàárọ̀ yẹn, wọ́n fi fọ́tò hàn án. Ó rántí: ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta bisikíìtì àti mílíìkì ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí aránṣọ ní lọ́kàn. Ìyá náà ti gbé léèsì sábẹ́ tábìlì, ó ń retí ẹni tó ni ín.

Àṣìṣe ọlọ́kadà ni pé kò gba kóòdù ìgbẹrù tó yẹ kí ó gbà kí ó tó fi ẹrù sílẹ̀, òfin ẹ̀ka sì ni pé ẹrù tí a kò gba kóòdù rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì. Alábòójútó ló pe aránṣọ, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìpè, nítorí pé ẹni tó ní àṣẹ ni ó yẹ kí ó tọrọ àforíjì.

Bí wọn kò bá rí i ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ á gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí sísan owó ẹrù tó sọnù. Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ mìíràn wà. Ẹni tó san owó ìfiránṣẹ́ tí ó sì gba ìwé ni ilé iṣẹ́ bá ṣe àdéhùn, nígbà púpọ̀ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni. Nítorí náà, oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ni wọn yóò san owó fún, òun náà ni aránṣọ yóò sì béèrè léèsì tàbí owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò béèrè rìsíìtì ọjà, ẹ̀rí ìsanwó, wébìlì àti iye tí wọ́n kọ sórí wébìlì nígbà tí ẹrù ń lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kọ iye kékeré síbẹ̀ kí owó ìfiránṣẹ́ má bàa ga, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan rárá. Bí wọ́n bá kọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sórí léèsì ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́rin, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ilé iṣẹ́ yóò dì mú, àdéhùn tó wà lẹ́yìn wébìlì ni yóò sì nà jáde.

Bí ilé iṣẹ́ bá dákẹ́ pátápátá, ibi méjì ló wà níta. NIPOST, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, ló ń fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, ó sì lè bi ẹni tó fún ní àṣẹ léèrè. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí a mọ̀ sí FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀, náà ń gba irú ẹ̀sùn yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí ó dára kí ẹ mú lọ bá wọn ni ẹ̀rí pé ẹ ti kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ sọ ọ́: nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn, ọjọ́ tí ẹ pè, àti aago tí wọ́n ní àwọn yóò pè yín padà tí wọn kò sì pè.